Wákàtí Kan Tí Bahia Yá Lọ́wọ́ Òwúrọ̀

Ọ̀rọ̀ kan tó kéré lójú ló ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí èèyàn bá fẹ́ tún aago kọ̀ǹpútà rẹ̀ tò, ẹ̀rọ náà á ní kó mú orúkọ ìlú kan nínú àkójọ gígùn kan. Nígbà tí mo dé ibi tí orílẹ̀-èdè Bràsíl wà, mo rí `America/Sao_Paulo`, mo rí `America/Bahia`, mo rí `America/Belem` àti `America/Araguaina`, àtàwọn mìíràn bíi tiwọn. Mo mú èkíní, mo wo àkókò tó fi hàn. Mo mú èkejì, àkókò kò yẹ̀. Ẹ̀kẹta ńkọ́? Bákan náà ni. Aago kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò lónìí. Kí ló wá dé tí wọn kò fi kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àwọn tó ń tọ́jú àkójọ yìí ní ìlànà kan tí wọ́n ń tẹ̀ lé: ibi yòówù tí aago wọn bá ti jọ ń lọ láti ọdún 1970 wá lè jọ jẹ́ orúkọ kan, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá yà kúrò lọ́nà nígbà kan, ì báà jẹ́ oṣù mélòó kan péré, ó di dandan kó ní orúkọ tirẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè mọ iye tí aago lù níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Orúkọ wọ̀nyẹn kò yàtọ̀ sí àpá. Mo wá wo ti Bahia. Ìpínlẹ̀ Bràsíl yìí ti fi ọ̀rọ̀ sísún aago síwájú ní ìgbà ooru àti dídá a padà lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 2003. Lọ́jọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2011, ó tún sún aago rẹ̀ síwájú ní wákàtí kan pẹ̀lú gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Ó dá a padà ní ìparí oṣù kejì ọdún 2012. Láti ìgbà náà kò tún fọwọ́ kàn án mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tún tọ́ ọ wò, wọ́n sì ní ó tó. Kí ni wọ́n rí? Ìbéèrè yìí ni mo tọ ipa rẹ̀, òun ló sì jẹ́ kó yé mi ìdí tí wọ́n fi ń sún aago síwájú rárá, àti ìdí tí àwọn orílẹ̀-èdè tó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé kì í fi í dá sí i.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣòfò lójú oorun

Èrò yìí kò ti ọwọ́ àgbẹ̀ wá, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń sọ. Àwọn àgbẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ta kò ó. Ìrì kì í wo aago kó tó gbẹ lára koríko, màlúù kì í sì í wo aago kí ọmú rẹ̀ tó kún. Ọkùnrin kan tó ń kó kòkòrò jọ láti fi wọ́n ṣe ìwádìí, George Hudson ará New Zealand, ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1895. Ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba lójúmọmọ, ó sì ń fẹ́ kí ilẹ̀ má tètè ṣú lẹ́yìn iṣẹ́ kí ó lè ráyè wá kòkòrò rẹ̀ kiri. Wákàtí méjì ló ní kí wọ́n sún aago síwájú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́lékọ́lé kan tó ń jẹ́ William Willett ní irú èrò kan náà, ó sì tẹ ìwé pélébé kan jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1907. Ohun tó ká a lára ni pé ní ìgbà ooru, oòrùn ti máa ń yọ tipẹ́tipẹ́ kí àwọn aráàlú tó jí. Kò purọ́. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, bí wọn kò bá fọwọ́ kan aago, oòrùn á yọ ní aago 3 kọjá ìṣẹ́jú 43 òru. Ta ló jí nígbà yẹn? Oòrùn á máa ràn sórí fèrèsé tí wọ́n fi aṣọ bò, wákàtí mẹ́ta á lọ, kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn kan náà á tanná, wọ́n á sì sanwó rẹ̀.

Willett kú lọ́dún 1915, kò rí i kó ṣẹ. Ogun àgbáyé kìíní ló mú un ṣẹ. Jámánì ń wá bí èédú ṣe máa tó lò, ó sì sún aago rẹ̀ síwájú ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1916. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá a jagun ṣe bẹ́ẹ̀ náà kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí. Ìtàn náà gùn jù báyìí lọ, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ mú nínú rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: aago tí a sún síwájú kò dá ìmọ́lẹ̀ kankan sílẹ̀. Ó kàn ń mú wákàtí kan tó ń ṣòfò ní kùtùkùtù, ó ń gbé e lọ sí ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá ní wákàtí tó ń ṣòfò kò ní ohun tó fẹ́ gbé lọ.

Ìlú mẹ́ta lábẹ́ aago kan

Bràsíl dára fún irú ìwádìí yìí ju ibikíbi lọ. Ìlà agbedeméjì ayé gba òkè rẹ̀ kọjá, ìdí rẹ̀ sì lọ tó dígíríì 33 sí gúúsù. Ẹ jẹ́ ká mú ìlú mẹ́ta níbẹ̀ tí aago wọn dọ́gba: Belém ní àríwá, tí kò jìn sí ìlà náà ju dígíríì kan àti ààbọ̀ lọ, Salvador, olú-ìlú Bahia, ní dígíríì 13, àti Porto Alegre nísàlẹ̀ pátápátá, ní dígíríì 30. Kí a rántí pé oṣù kejìlá ni ìgbà ooru lọ́hùn-ún, oṣù kẹfà sì ni ìgbà òtútù.

Ní Porto Alegre, ní oṣù kẹfà, oòrùn kì í yọ títí di nǹkan bí aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 20. Ní oṣù kejìlá, aago 5 kọjá ìṣẹ́jú 20 ló ti yọ. Wákàtí méjì gbáko ló wà láàárín méjèèjì. Iṣẹ́ àti iléèwé kì í bá oòrùn yí, aago kan náà ni wọ́n ń wọlé yípo ọdún, nítorí náà ní ìgbà ooru, wákàtí méjì ìmọ́lẹ̀ ló ń kọjá lórí àwọn tó ṣì ń sùn. Bí ìjọba bá mú ọ̀kan nínú rẹ̀, ọ̀kan ṣì kù.

Ní Belém, aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 15 ni oòrùn ń yọ ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 6 ló sì ń yọ ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá. Bí a bá wo ọdún látòkè délẹ̀, ọjọ́ tí oòrùn yá jù lọ láti yọ àti ọjọ́ tó pẹ́ jù lọ kò fi ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ síra wọn. Gígùn ọ̀sán ńkọ́? Ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá ni ọ̀sán tó gùn jù lọ fi ju èyí tó kúrú jù lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ayé dà sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe ń yí oòrùn po, nǹkan bíi dígíríì 23 àti ààbọ̀, ìyẹn ló sì ń mú kí òkè ayé gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ nígbà kan, kí ìsàlẹ̀ gbà á nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kó dà sí, ààlà tó wà láàárín ọ̀sán àti òru máa ń gé ìlà agbedeméjì sí méjì ọgbọọgba. Ẹni tó wà lórí ìlà náà ń gba wákàtí méjìlá ìmọ́lẹ̀ àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́ tó ń bẹ láyé. Kò sí ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù fún un, kò sí ìgbà tó wọ́n ọn.

Ó wá ku Salvador, tí kò sí lókè tí kò sí nísàlẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn.

Ohun tí Bahia rí

Salvador wà ní etíkun ìlà-oòrùn, jìnnà díẹ̀ sí ibi tí wọ́n gbé aago Bràsíl kà. Nítorí náà oòrùn máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn kíákíá: á ti kan àtàrí ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kí aago tó lu méjìlá. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, ó ti yọ ní aago 5 kọjá ìṣẹ́jú 6, kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sì tó lù ó ti wọ̀. Ẹni tó bá wo ìwé nìkan á ní ìlú yìí gan-an ló yẹ kó sún aago síwájú. Oòrùn yọ ní aago márùn-ún, ilẹ̀ ṣú ní mẹ́fà: kí ló kù tí a ń wá?

Àwọn oníṣòwò Bahia rò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní ìdí mìíràn tó tún lágbára. Nígbà yòówù tí gúúsù bá sún aago síwájú tí Bahia kò sún tirẹ̀, báǹkì àti ilé-iṣẹ́ São Paulo á ti fi wákàtí kan ṣáájú tiwọn, ọkọ̀ òfuurufú á yí àkókò, ètò tẹlifíṣọ̀n àpapọ̀ á bọ́ sí wákàtí tí kò bá tàwọn èèyàn mu. Wọ́n rọ ìjọba ìpínlẹ̀ náà, Gómìnà Jaques Wagner sì gbà. Lọ́jọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2011, Bahia wọlé.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo òṣìṣẹ́ kan lẹ́yìn òde ìlú náà, tó gbọ́dọ̀ wọ bọ́ọ̀sì méjì kí ó tó dé ibi iṣẹ́ ní aago méje. Aago 5 ló ti ń jáde nílé. Kí wọ́n tó sún aago, ojú ti ń là bó ṣe ń ti ìlẹ̀kùn: àfẹ̀mọ́júmọ́ ti bẹ̀rẹ̀, oòrùn ń bọ̀ láìpẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n sún un, aago 5 tó ń wò yẹn, aago 4 ni lójú ọ̀run. Òkùnkùn biribiri ni. Á dúró ní ibùdókọ̀ fún ohun tó lé ní ìdajì wákàtí kí ó tó lè rí ojú ẹni tó dúró tì í, nítorí pé ní irú ibẹ̀, ilẹ̀ kì í mọ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ìgbà ooru máa ń ṣe wíríwírí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 kí oòrùn tó yọ, ṣùgbọ́n ní Salvador, bí ìlàjì rẹ̀ ló ń gbà. Òkùnkùn á dé bí ẹni ń paná, á sì lọ bí ẹni ń tanná. Ẹ̀rù olè, ẹ̀rù ọ̀nà, ọmọ iléèwé tó ń jí lóru: àròyé tí àwọn ará Bahia rò nìyẹn, wọn kò sì dákẹ́ títí àsìkò náà fi parí.

Òwúrọ̀ lọjọ́, bí àwọn àgbà ti wí. Ohun tí àwọn tó ṣe ètò náà kò kà sí ni pé àwọn èèyàn Salvador kò fi ìmọ́lẹ̀ kùtùkùtù wọn ṣòfò. Wọ́n ti ń lò ó. Àárín àwọn tó ti jí ni oòrùn aago márùn-ún ń yọ sí.

Èmi fúnra mi jókòó ti ìṣirò náà, nítorí mo fẹ́ mọ̀ bóyá àròyé lásán ni. Ní Salvador, ọjọ́ tí oòrùn pẹ́ jù lọ láti yọ nínú ọdún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, kò tíì tó aago mẹ́fà. Bí wọn kò bá fọwọ́ kan aago, kò sí òwúrọ̀ kan lọ́dún tí oòrùn ń yọ níbẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n wá sún aago ní 2011, gbogbo òwúrọ̀ láti ọjọ́ náà títí di oṣù kejì ló di èyí tí oòrùn ń yọ lẹ́yìn aago mẹ́fà díẹ̀, tàbí sún mọ́ ọn gan-an. Nígbà tí àsìkò náà fi máa parí ní òpin oṣù kejì, oòrùn ń yọ ní nǹkan bí aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 35. Ìyẹn ni pé ní ìgbà ooru, ìjọba fún wọn ní òwúrọ̀ tó ṣókùnkùn ju òwúrọ̀ ìgbà òtútù wọn tó burú jù lọ, ó sì fi ohun tó lé ní ìdajì wákàtí jù ú lọ!

Mo ṣe irú ìṣirò kan náà fún Porto Alegre. Ní òpin oṣù kejì, pẹ̀lú aago tí wọ́n sún síwájú, oòrùn ń yọ níbẹ̀ ní nǹkan bí aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 13. Ó pẹ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ tó ti oṣù kẹfà, tó jẹ́ aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 20, tí gbogbo ìlú ti mọ̀ lára. Kò sí òwúrọ̀ kankan tí wọn kò tíì rí irú rẹ̀ rí.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ìlú kan kò kan aago tí oòrùn ń yọ. Ohun tó yẹ ká bi í ni iye tí yíyọ oòrùn fi ń sún láti ìgbà òtútù sí ìgbà ooru. Àwọn èèyàn máa ń gbé ìgbésí ayé wọn ka òwúrọ̀ tó pẹ́ jù lọ lọ́dún. Ohun tí ìgbà ooru bá fi kún un ló jẹ́ àjẹṣẹ́kù. Bí àjẹṣẹ́kù náà bá ju wákàtí kan lọ, ẹ lè mú wákàtí kan níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má kígbe. Bí kò bá tó wákàtí kan, ara oúnjẹ gan-an lẹ ti ń bù. Ti Salvador jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Bí a bá fi ìṣirò kan gígùn ọ̀sán nìkan, nǹkan bíi dígíríì 17 sí ìlà agbedeméjì ni àjẹṣẹ́kù náà ti ń pé wákàtí kan. Bahia wà nínú ààlà náà díẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ìyà rẹ̀ má tètè hàn lórí ìwé.

Nígbà tí ọdún 2012 yí po, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní àwọn kò ṣe mọ́. Tocantins, ìpínlẹ̀ tó bá Bahia pààlà, tó wọlé lọ́dún yẹn, jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìlú kan ní Tocantins ni Araguaína, ìyẹn sì wà lára ohun tó ya `America/Araguaina` sọ́tọ̀ nínú àkójọ tí mo ń wò.

Omi gbígbóná àti iná ojú pópó

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló wá jẹ́ kí gúúsù fara mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀ ọdún bẹ́ẹ̀. Bràsíl kọ́kọ́ dán an wò lọ́dún 1931 lábẹ́ Getúlio Vargas, ó ń ṣe é ó ń fi í sílẹ̀, títí di ọdún 1985 tí ọ̀dá mú kí omi inú àwọn ìsédò tí wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná wálẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọọdún.

Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ tilẹ̀ wù mí. Ní Bràsíl, ọ̀pọ̀ ilé ló ń fi iná mú omi ìwẹ̀ gbóná níbi tí omi ti ń tú jáde lókè orí ẹni gan-an, ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀ sì lè fa wáàtì tó lé ní 5,000. Ní aago mẹ́fà sí mẹ́jọ alẹ́, gbogbo ìlú á darí délé, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á tanná yàrá. Láàárín wákàtí yẹn náà ni ilẹ̀ ń ṣú, tí iná ojú pópó ń tàn fúnra wọn. Gbogbo rẹ̀ á wá bọ́ sórí wáyà lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá gbọ́dọ̀ ní agbára tó máa tó gbé wákàtí méjì yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní lò ó ní wákàtí 22 tó kù. Aago tí wọ́n sún síwájú ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀: àwọn èèyàn á ti wẹ̀ tán kí ilẹ̀ tó ṣú tí iná ojú pópó á tàn. Iye iná tí wọ́n lò lápapọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dínkù, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó dínkù ni òkè téńté alẹ́ yẹn, nǹkan bí ìdá 4 tàbí 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Èyí ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ kíkọ́ ilé amúnáwá tuntun.

Ṣùgbọ́n ìgbà ò lọ bí òréré. Gílóòbù àtijọ́ tó ń jẹ 60 wáàtì kúrò lọ́jà, èyí tó ń jẹ nǹkan bíi wáàtì mẹ́wàá tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Iná títàn kò wá jẹ́ ẹrù mọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù wọ ilé àti ọ́fíìsì rẹpẹtẹ, òkè téńté náà sì ṣí kúrò ní alẹ́ bọ́ sí aago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí ooru bá mú gan-an. Aago kò lè bá ooru ọ̀sán jà. Yálà ẹ pè é ní aago méjì ni o tàbí mẹ́ta, bó ṣe ń mú náà ni. Ó tilẹ̀ lè dá kún un: ẹni tó bá darí délé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè á bá ilé tó gbóná, á sì tan ẹ̀rọ amúlétutù fún wákàtí púpọ̀ sí i. Ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún aago lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ tó wo owó iná àwọn onílé rí i pé iná tí wọ́n ń lò fi nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ ìdìbò tún dá kún ti Bràsíl. Nígbà tí àríwá kò bá sún aago tí gúúsù sún tirẹ̀, ìpínlẹ̀ Acre tó wà ní ìwọ̀-oòrùn á fi wákàtí mẹ́ta jìn sí Brasília, olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà, dípò méjì, èsì ìdìbò á sì máa dúró de Acre. Nítorí náà ní 2018 wọ́n sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí oṣù kọkànlá, kó má baà bọ́ sáàárín ìdìbò ìpele kìíní àti ìkejì. Àwọn fóònù kan kò gbọ́ nípa àyípadà náà. Wọ́n yí aago olówó wọn ní oṣù kẹwàá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, àwọn kan sì jí wákàtí kan ṣáájú ọjọ́ wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Ààrẹ Jair Bolsonaro fọwọ́ sí àṣẹ tó fòpin sí gbogbo rẹ̀. Ìdí tí `America/Bahia` àti `America/Sao_Paulo` fi wà lórí aago kan náà lónìí nìyẹn, tí mo fi ń bi ara mi pé kí ni ìyàtọ̀ wọn.

Ẹni tó fẹ́ ìrọ̀lẹ́ gígùn lórí ìlà agbedeméjì

Mo ti ka ibi tí àwọn kan ti ń sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè àárín ayé kò mọ́kàn lé ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ni. N kò gbà. Ẹ wo Singapore, tí kò jìn sí ìlà agbedeméjì ju dígíríì kan àti díẹ̀ lọ. Lọ́dún 1933 wọ́n sún aago wọn síwájú ní ogún ìṣẹ́jú, láti lè rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Wọn kò dá a padà. Wọ́n tún ń sún un lọ nígbà mìíràn lẹ́yìn náà, títí di ọdún 1982 tí wọ́n gbé e sí ibi tó wà dòní, tí oòrùn fi ń yọ níbẹ̀ ní nǹkan bí aago méje òwúrọ̀ yípo ọdún, tó sì ń wọ̀ ní nǹkan bí aago méje alẹ́.

Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ṣe yẹn bọ́gbọ́n mu. Ibi tí oòrùn kì í yí, kí la fẹ́ máa yí aago fún? Ìpinnu kan ṣoṣo ni irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ nílò: ṣé òwúrọ̀ ni wọ́n fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, tàbí ìrọ̀lẹ́? Bí wọ́n bá ti pinnu, wọ́n á gbé aago síbẹ̀, ó parí. Ṣíṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún wà fún ibi tí ìdáhùn oṣù kẹfà ti yàtọ̀ sí ti oṣù kejìlá. Lọ́ńdọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ dá tirẹ̀ padà nígbà òtútù, nítorí bí kò bá dá a padà, oòrùn kò ní yọ títí di aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Amẹ́ríkà tọ́ irú rẹ̀ wò ní oṣù kìíní ọdún 1974, tí wọ́n fi aago síwájú la ìgbà òtútù kọjá. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti yí òfin náà padà, nítorí àwọn ọmọ ń lọ sí iléèwé nínú òkùnkùn. Àròyé Bahia gẹ́lẹ́ ni, ọ̀tọ̀ ni ibi tó ti wá.

Ọ̀rọ̀ tí kò tíì tán

Ní Bràsíl, ọ̀rọ̀ náà ti tún jí. Ní 2024, ọ̀dá ńlá mú orílẹ̀-èdè náà, àjọ tó ń darí iná mànàmáná níbẹ̀ sì dámọ̀ràn pé kí wọ́n tún máa sún aago síwájú. Ìdí tí wọ́n mú wá yàtọ̀ sí ti 1985. Sólà ti pọ̀ káàkiri báyìí. Lọ́sàn-án, òun ló ń gbé púpọ̀ nínú ẹrù ẹ̀rọ amúlétutù, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń wọ̀, iná rẹ̀ á já wálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, nígbà tí àwọn èèyàn sì ń darí délé. Ìsédò àti ilé amúnáwá onígáàsì gbọ́dọ̀ sáré gòkè láti dí àlàfo yẹn. Bí aago bá sún síwájú, apá kan nínú ìlò ìrọ̀lẹ́ á bọ́ sí ìgbà tí oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, sáré náà á sì rọlẹ̀ díẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ìjọba ní àwọn kò ní í ṣe é lọ́dún yẹn, nítorí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò ní kò ní wáyé mọ́ láéláé. Bí wọ́n bá tún gbé e dé, n kò rò pé ẹnikẹ́ni á tún ní kí Bahia wá: sólà lè yí ìdí tí a fi ń wá wákàtí kan padà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 50 Salvador kò kúrò ní 50. Porto Alegre ní wákàtí méjì. Láàárín wọn ni ìlà náà yóò tún gbà, gúúsù á yà sọ́tọ̀, Acre á tún fi wákàtí mẹ́ta jìn sí Brasília, àwọn tó ń tọ́jú àkójọ orúkọ lórí kọ̀ǹpútà á sì kọ ìlà tuntun kan sábẹ́ `America/Sao_Paulo`.